Bọ́kísà 100, Bọ́kísà 150 àbí TVS? Ọ̀nà oko ni wọ́n máa fi ná o

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ gbàmọ̀ràn. Mo fẹ́ ra ọ̀kadà fún àbúrò ìyàwó mi kó máa fi ṣiṣẹ́, á máa dá owó padà díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tó fi máa di tiẹ̀. Ìṣẹ́yìn la wà, àmọ́ kì í ṣe inú ìlú nìkan ló ti máa ṣiṣẹ́, ọ̀nà oko ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ìyá tó ń kó ẹ̀gẹ́ àti iṣu bọ̀ lọ́jọ́ ọjà, òkè wà lójú ọ̀nà, erùpẹ̀ pupa ni gbogbo ẹ̀, tójò bá sì ti rọ̀ ó di ẹrẹ̀. Mo ti lọ wo Bàjájì Bọ́kísà 100, mo wo 150, mo wo TVS HLX 125, ẹnìkan tún wá ní kí n ra ti Ṣáínà kan tí owó ẹ̀ kéré sí gbogbo wọn. Èwo ni kì í mu epo jù, èwo la máa rí pààtì ẹ̀ rà láì lọ sí Ìbàdàn? Ẹ má kàn kọ "Bàjájì ni" kẹ́ẹ sì sá lọ o, ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún mi.

Ọlọ́kadà Ṣakí:
Bàjájì ni.

Ọlọ́kadà Ṣakí:
Ẹ má bínú, mò ń ṣeré ni 😂. Bọ́kísà 100 ni èmi ń gùn látọdún kẹrin, kò ì jámi kulẹ̀. Àmọ́ inú ìlú Ṣakí ni mo wà o, mi ò kì í gbẹ́rù oko. Epo tí mò ń rà láàárọ̀ máa ń gbé mi dé ìrọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ 150 ni, ọmọ yẹn á máa dúró nílé epo ṣáá ni. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti tóbi, epo ló máa mu, kò sí àlàyé míì ńbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú ra kẹ̀kẹ́ Maruwa fún un. Èrò mẹ́ta lẹ́yìn, òjò ò pa yín, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 sísí, ti Bàjájì jẹ́ 198.88, ti TVS Kíǹgì jẹ́ 199.26, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ jẹ́. Èmi ń ná Ìwó Ròódù sí Gééètì, owó ń wọlé dáadáa.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ọmọ mi oníkẹ̀kẹ́, ọ̀nà oko ló sọ o, kò sọ Ìwó Ròódù. Ọ̀nà tí mọ́tò ti tẹ̀ tó ní ihò lọ́tùn-ún àti lósì, tí àárín ẹ̀ yọ gegele, ibo ni táyà iwájú kẹ̀kẹ́ máa gbà? Orí gegele yẹn náà ni, táyà ẹ̀yìn méjèèjì á wà nínú kòtò, ikùn ẹ̀ á máa ha ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ná.

Èyí tí ọmọ Ṣakí sọ, ó jẹ òótọ́, àmọ́ kò jẹ òótọ́ tán. Nínú ìlú, lójú ọ̀nà tó tẹ́, pẹ̀lú èrò kan, 100 kì í mu epo tó 150, kò sí ìjà níbẹ̀. Tí ẹ bá wá gbé ẹ̀gẹ́ àpò méjì sí i lẹ́yìn, ìyá oko tún jókòó, ẹ wá dojú kọ òkè, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. 100 á bọ́ sí jíà kejì, nígbà míì jíà kìíní, ọmọ yẹn á fa ọwọ́ tẹ́rótùlù dé ìdí, ẹ́ńjìnnì á máa ké, kò ní sáré. Epo tó ń wọlé lásìkò yẹn ò kéré rárá. 150 á gba òkè kan náà ní jíà kẹta láì fa tẹ́rótùlù dé ìdajì.

Àwọn tó ń tà á ò ní sọ èyí fún yín: ẹnu bílọ́ọ̀kù 100 jẹ́ mìlímítà 53, ti 150 jẹ́ 56, mẹ́ta péré ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an ni ìrìn písítínì. Ti 100 ń lọ sókè sódò ní mìlímítà 45, ti 150 ń rin 58.8. Bí ìgbà téèyàn ń wa pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn lágbára láti fà ju èyí tó kúrú lọ, kódà tí kò bá yára yí. Ìdí nìyẹn tí 150 fi lè gbẹ́rù láì pariwo. (Kò tiẹ̀ pé 150 gan-an o, 144.8 ni. 100 náà, 99.27 ni.)

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Ẹ ṣé gan-an Bàbá. Ṣé ẹ̀ ń sọ pé epo wọn á wá dọ́gba ni tó bá jẹ́ ẹrù ni?

Bàbá Mẹkáníìkì:
Á súnmọ́ ara wọn. Èmi ò lè fi ẹnu sọ iye ẹ̀ fún yín, ẹni tó bá ń gùn ún ló yẹ kó wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, wọ́n á ní "mo ra epo ẹgbẹ̀rún méjì, ó gbé mi dé ìrọ̀lẹ́." Epo ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tó kọjá kọ́ ni ẹgbẹ̀rún méjì tòní.

Tíṣà Kíṣì:
Èmi ti wọ̀n ọ́n rí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo ní ọ̀kadà méjì tí mo gbé fún àwọn ọmọ kan, 100 kan, 150 kan, wọ́n máa ń jà sí mi létí pé ti ẹnìkejì ló dáa. Mo wá ní kí wọ́n jẹ́ ká wò ó. A kún táǹkì méjèèjì dé ẹnu, ilé epo kan náà, pọ́ǹpù kan náà, a gbé ọ̀kadà dúró láì fi wọ́n tẹ̀, torí tó bá tẹ̀ táǹkì á tan yín jẹ. Mo kọ iye tó wà lójú míítà sílẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì nínú ìlú, a padà wá kún un dé ibi kan náà, iye lítà tó wọlé ni mo fi pín iye kìlómítà. 100 fún mi ní kìlómítà 45 lórí lítà kan, 150 fún mi ní 35.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀nà oko, ẹrù iṣu. 100 bọ́ sí 32. 150 bọ́ sí 31. Mo rò pé mo ṣèṣirò lódì ni, mo tún un ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nǹkan kan náà.

Ẹ wá fowó wò ó. Ká ní ọmọ yín ń rin kìlómítà 100 lójúmọ́ tí epo sì jẹ́ náírà 900 lítà kan. Nínú ìlú, 100 á mu lítà méjì àti díẹ̀, bíi 2.2. 150 á fẹ́rẹ̀ẹ́ mu lítà mẹ́ta, 2.9. Ìyàtọ̀ ẹ̀ á máa lọ sí náírà 600 lójúmọ́, tó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ó ti ń lọ sí 15,000. Owó ni, kì í ṣe kékeré fún ọmọ tó ń san gbèsè. Àmọ́ lọ́nà oko ìyàtọ̀ yẹn ò tó náírà 100 lójúmọ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó máa ti ṣiṣẹ́ jù.

Ọlọ́kadà Ṣakí:
Tíṣà ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ míítà tiwa ti kú tipẹ́, kébù ẹ̀ ti já.

Tíṣà Kíṣì:
Ẹ lo ọ̀nà tẹ́ẹ mọ gígùn ẹ̀. Móníyà sí Ìṣẹ́yìn, ọ̀nà tí wọ́n ṣe yẹn, kìlómítà 65 ni. Àlọ àti àbọ̀ 130. Ẹ kún táǹkì kẹ́ẹ tó lọ, ẹ kún un nígbà tẹ́ẹ bá dé.

Ará Kétu:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé, èmi náà ń ṣe zemijan. Ní Kùtọnu báyìí àwọn kan ń gun èyí tí kì í mu bẹntiróòlù rárá, ti Sípáírò, báńtírì ni, wọ́n á gbé e dé ibùdó wọn, wọ́n á yọ èyí tó ti kú, wọ́n á fi èyí tó kún sí i, wọ́n á sì máa lọ. Kí ló dé tẹ́ẹ ò ra ìyẹn?

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ẹ̀gbọ́n Kétu, ẹ kú àtijọ́. Ibùdó báńtírì mélòó ló wà láàárín Kétu àti oko yín?

Ará Kétu:
Kò sí kankan 😅. Èmi fúnra mi Háójù ni mò ń gùn. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Ìyá Ìbejì Onípààtì:
Mo ti ń kà á bọ̀ látòkè, gbogbo yín ń sọ epo epo epo. Pààtì ni èmi ń tà, ọdún kọkànlá mi rèé, ohun tí mo bá sọ nítorí ẹ̀ ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kadà iṣẹ́, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọ̀kadà, kó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ àwa onípààtì. Kó bèèrè nǹkan mẹ́ta péré: písítínì àti ríìngì, póléètì kílọ́ọ̀ṣì, ṣéènì pẹ̀lú sípúrókẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Kó bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tí kì í ṣe ẹnìkan ló ni wọ́n. Tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní i, a ò ní lè gbówó lé e bó ṣe wù wá. Tó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ní i, ẹni yẹn ti di ọ̀gá yín nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni ò bá ní i tí wọ́n ní "á dé lọ́jọ́ Ajé láti Ńnéwì," ọ̀kadà yín á sùn nílẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé, gbèsè ò sì ní sùn.

Bàjájì, kò sí abúlé tó ní ṣọ́ọ̀bù pààtì tí ò ní i. TVS náà ti wà dáadáa báyìí, láyé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn nǹkan ńlá inú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ a ṣì máa ń wá a díẹ̀ níhìn-ín. Bí mo ṣe ń wí yìí, ṣọ́ọ̀bù tèmi nìyẹn o, mi ò mọ ti ìlú míì.

Ọmọ Sabo:
Ìyá, ti Ṣáínà ni pààtì ẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni gbogbo wọn, ti Họ́ńdà CG 125 ni wọ́n dà kọ. Dẹ́lọ́ǹgì, Kìúlíńkì, èyíkéyìí, ẹ yọ písítínì lára ọ̀kan ẹ fi sí òmíì, ó wọlé. Owó ẹ̀ ò sì tó ti Bàjájì. Ẹ̀ ń fi orúkọ náwó ni.

Bàbá Mẹkáníìkì:
O sọ òótọ́ dé ìdajì. Ọ̀pọ̀ 125 Ṣáínà ló dà CG kọ lóòótọ́, ọ̀pá ló ń ti faafù ẹ̀ látìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó lágbára ni, mi ò bú u, mo ti ṣí èyí tó ju igba lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ti Ṣáínà ni CG. Àwọn kan wà tí ṣéènì kékeré ló ń yí faafù wọn lókè, písítínì CG ò ní wọ ìyẹn láéláé. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ CG náà ni, kì í ṣe písítínì nìkan ló ń bàjẹ́. Kábúrétọ̀ ẹ̀, kọ́yìlì ẹ̀, ìdérí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀, fọ́ọ̀kì iwájú, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe bó ṣe wù ú, ọdún méjì sí i wọ́n lè má kó irú ẹ̀ wọlé mọ́. Ìgbà yẹn ni mẹkáníìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà dí i, táá máa fi wáyà dè é.

Ohun kan tún wà tó yẹ kéèyàn bèèrè, ṣùgbọ́n wọn kì í bèèrè. Tí ẹnu bílọ́ọ̀kù bá ti jẹ, a máa ń ṣe ríbọ́ọ̀ fún un, a á gbẹ́ ẹ díẹ̀ sí i, a á wá fi písítínì tó sanra díẹ̀ sí i. Ó ní nọ́ńbà: 25, 50, 75, 100. Nọ́ńbà 25 sanra ju ti tuntun lọ pẹ̀lú ìdá mẹ́rin mìlímítà kan, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé 100 tó jẹ́ odidi mìlímítà. Ìyẹn ni pé bílọ́ọ̀kù kan lè gba àtúnṣe lẹ́ẹ̀mẹrin kẹ́ẹ tó jù ú nù. Ti Bàjájì, ẹ máa rí nọ́ńbà yẹn rà. Ti àwọn Ṣáínà kan, kò sí nọ́ńbà lọ́jà, odidi bílọ́ọ̀kù lẹ ó máa rà nígbà gbogbo. Ìyá Ìbejì, mo purọ́?

Ìyá Ìbejì Onípààtì:
Ẹ ò purọ́. Nọ́ńbà 25 àti 50 ni mo máa ń tà jù. 75 kì í wọ́pọ̀, torí tó bá ti dé ibẹ̀ wọ́n á ti tà á fún ẹlòmíì 😂

Ọmọ Sabo:
Ẹ má bínú o, èmi ṣì ń gun tèmi, kò ì ṣe nǹkan kan.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Ẹ ṣeun o ẹ̀yin àgbà. Tó bá jẹ́ ti tòkúnbọ̀ ń kọ́? Àbí èyí tí ẹnìkan ti gùn? Ọ̀rẹ́ mi ní láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní June 2022, pé èèyàn lè rí 150 tó dáa rà ní owó pọ́ọ́kú.

Ọlọ́kadà Ṣakí:
Mo rà á rí, ojú mi rí nǹkan. Ẹni tó tà á fún mi ti fọ̀ ọ́, ó ti kùn ún, ó ń dán bíi tuntun. Oṣù kan ààbọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. Mo ń da ọ́ìlì sí i ju epo lọ.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Tẹ́ẹ bá máa ra èyí tí wọ́n ti gùn, ẹ dé láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ má jẹ́ kó ti tàn án sílẹ̀ dè yín. Ẹ tàn án fúnra yín. Kẹ́ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀, kẹ́ẹ fa tẹ́rótùlù lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ẹ wo ẹnu sàlẹ́ǹsà. Èéfín tó bá ní àwọ̀ búlúù, tó ń rùn bí ọ́ìlì jíjó, ríìngì ti lọ tàbí rọ́bà faafù ti gbó. Èéfín dúdú, ìyẹn epo ló pọ̀ jù, kábúrétọ̀ tàbí fílítà atẹ́gùn ló dọ̀tí, ìyẹn ò le. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì. Tí ẹnu ẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ bíi ti erèé sísun, ẹ́ńjìnnì yẹn dáa. Tó bá dúdú tó gbẹ bí èédú, epo ni. Tó bá dúdú tó tún tutù, tó ń yọ̀, ọ́ìlì ló ń gòkè, ẹ gbé owó yín padà sápò.

Wọ́n lè pèsè sílẹ̀ dè yín náà o, àwọn kan máa ń fi pọ́lọ́ọ̀gì tuntun sí i. Tẹ́ẹ bá rí pọ́lọ́ọ̀gì tuntun nínú ọ̀kadà àtijọ́, ẹ bi í pé kí ló ṣe ti tẹ́lẹ̀.

Tíṣà Kíṣì:
Fílítà atẹ́gùn yẹn ló ń pa ọ̀kadà lágbègbè wa o. Eruku erùpẹ̀ pupa nígbà ọyẹ́, bí wọ́n bá ti rí i pé ọ̀kadà ò sáré dáadáa, mẹkáníìkì kan á ní "ẹ jẹ́ n yọ fílítà yìí kó lè mí." Ó mí lóòótọ́, eruku ló ń mí sínú. Ti 100 mi tí wọ́n yọ fílítà ẹ̀ láì sọ fún mi, kí ọyẹ́ tó tán ló ti ń yọ èéfín búlúù. Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì ẹ̀ náà, bíi lítà kan péré ló ń wọlé, lítà kan yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì pọ̀. Ọmọ tó ń gbẹ́rù lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni kó máa pààrọ̀ ẹ̀, 20W-50, kó má kàn máa fi tuntun kún ti àtijọ́.

Kẹ̀kẹ́ Ìbàdàn:
Àwọn tiwa àtijọ́, èyí tí wọ́n ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, ìyẹn ò ní wàhálà pípààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ rántí?

Bàbá Mẹkáníìkì:
Mo rántí. Mo tún rántí èéfín ẹ̀. Ọmọ tó bá gbàgbé da ọ́ìlì sí epo lọ́jọ́ kan ṣoṣo, písítínì á gan mọ́ bílọ́ọ̀kù. Ẹ má mú wa padà síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Onípààtì:
Ẹ jẹ́ n sọ ti féèkì díẹ̀ kí n tó lọ tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Páálí tó dáa kì í ṣe pààtì tó dáa. Àwọn kan ń ra páálí òfìfo lọ́wọ́ mẹkáníìkì, wọ́n á fi nǹkan míì sínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún oníbàárà mi pé kó ya páálí yẹn níṣojú mi tó bá ti yọ pààtì ẹ̀ tán. Ti ríìngì, ẹ tì í sínú ẹnu bílọ́ọ̀kù láì tíì fi sórí písítínì, ẹ wo àlàfo tó wà lẹ́nu ẹ̀. Tí àlàfo yẹn bá gbòòrò tí èékánná lè wọlé, kì í ṣe ti bílọ́ọ̀kù yẹn, bóyá féèkì, bóyá nọ́ńbà míì. Ti ṣéènì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú un gbọọrọ, kẹ́ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣéènì tó dáa á le, èyí tí ò dáa á tẹ̀ bíi ẹ̀gbà ọrùn.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Mo ti jáde lọ bèèrè bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta nítòsí ọjà. Bọ́kísà 100, gbogbo wọn ní nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó wọn ò sì jìnnà síra. Bọ́kísà 150, gbogbo wọn ní, àmọ́ písítínì ẹ̀ wọ́n díẹ̀. TVS 125, méjì ní ṣéènì àti kílọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan ṣoṣo ló ní písítínì, nígbà tí mo bi í nọ́ńbà 25 ó wò mí lójú bíi pé mo bi í ní ìbéèrè ìdánwò. Ti Ṣáínà yẹn, ẹnìkan ní "ti CG á wọ̀ ọ́," ẹnìkejì ní kò ní wọ̀ ọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà síra wọn, mo bá tèmi lọ.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Òye ti yé yín nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ìdajì iṣẹ́ ẹ̀ ló máa jẹ́ oko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 150. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà nìkan ló máa ń lọ oko, 100 náà á ṣe é, kó má kàn gbé ju agbára ẹ̀ lọ.

Tíṣà Kíṣì:
Èmi ò gbà tán o Bàbá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tẹ́ẹ bá gbé 150 fún un, á gbẹ́rù ju ohun tó yẹ lọ torí pé ó ń gbé e. 125 ni mo rò pé ó wà láàárín, pààtì ẹ̀ nìkan ni ìṣòro tó bá jẹ́ Ìṣẹ́yìn.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ọmọ la máa kọ́, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Mo ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó ní oko ló pọ̀ jù, pé ibẹ̀ lowó wà. 150 ni mo fẹ́ lọ sanwó ẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Tuntun ni o, mo ti gbọ́ ti èéfín búlúù yẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan ló kù: kìlómítà mélòó ni kó kọ́kọ́ fi rìn pẹ̀lẹ́ kó tó máa gbẹ́rù?

Ọlọ́kadà Ṣakí:
Àwa ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, ọjọ́ tí mo gbé tèmi jáde ni mo gbé èrò mẹ́ta.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ìwọ ṣá! Ẹ jẹ́ kó ṣe pẹ̀lẹ́ títí kẹ́ẹ fi pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́, kó má fa tẹ́rótùlù kọjá ìdajì, kó má gbẹ́rù. Ọ́ìlì àkọ́kọ́ yẹn, ẹ dà á sínú abọ́ funfun kẹ́ẹ wò ó nínú oòrùn. Ẹ máa rí eérú irin tó ń dán nínú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Tó bá tún wà nínú ọ́ìlì ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ gbé e wá.